Ohun Tí Ìlànà Àṣírí Áàpù Ìlera Ń Sọ Nípa Ibi Tí Ẹ Wà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá tiẹ̀ ka ìlànà àṣírí áàpù ìlera, ìyẹn ojú ewé tí wọ́n kọ Privacy Policy sí lórí, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí nǹkan oṣù ni wọ́n máa ń wá. Ìpínrọ̀ tó yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ kà jù wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Ohun tó máa ń sọ kò ju báyìí lọ: a ń gba ibi tí ẹ wà kí áàpù lè ṣiṣẹ́ dáadáa, a lè pín àkójọ dátà tí kò ní orúkọ yín nínú pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wa, a óò tọ́jú rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tó bá yẹ. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni, àwọn ni wọ́n sì ń pinnu bóyá àjèjì lè mọ ilé yín àti àìsàn tí ẹ ń tọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Ìbàdàn fún àpẹẹrẹ. Dókítà ní kó máa rìn láràárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó gbé áàpù kan sórí fóònù rẹ̀ tó ń ka ìṣísẹ̀, òun náà sì ń kọ iye tí ẹ̀rọ ìfúnpá bá gbé jáde sínú rẹ̀. Ohun tí ìyá ń rí lójú fóònù ni òbìrìkìtì aláwọ̀ ewé tó ń kún díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ohun tó ń lọ sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù rí báyìí (mo kàn fi nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣàpẹẹrẹ ni):

```
2025-03-04 05:41  7.4012  3.9105
2025-03-04 05:42  7.4018  3.9107
2025-03-04 06:30  BP 158/96
```

Lórí ìlà méjì àkọ́kọ́, nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé aago ni ibi tí ìyá dúró sí lórí ilẹ̀ ayé. Ẹ wo iye ẹyọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì tó-tó. Ká ní méjì péré ni, ohun tí ènìyàn lè mọ̀ kò ju pé ìyá wà níbì kan ní àdúgbò tó fẹ̀ tó kìlómítà kan lọ. Bí ó bá di mẹ́ta, ó ti kù sí nǹkan bí 110 mítà, ìyẹn ojú pópó kan. Mẹ́rin ló wà níbí, mẹ́rin sì ń tọ́ka sí nǹkan bí mítà 11. Ní Ìbàdàn, ẹnu ọ̀nà ilé ẹnìkan ṣoṣo nìyẹn.

Ǹjẹ́ áàpù náà nílò rẹ̀? Fún ìṣísẹ̀, rárá. Ohun kékeré kan wà nínú fóònù tó máa ń mọ̀ bí fóònù bá ń mì, mímì náà ni áàpù ń kà, kò sì kan ibi tí ènìyàn wà. Iye ìfúnpá tí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ kò nílò rẹ̀ náà. Àfi bí ìyá bá fẹ́ kí áàpù ya ọ̀nà tó rìn sórí máàpù. Nítorí náà, bí ìlànà bá ní àwọn ń gba ibi tí ẹ wà kí áàpù lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ béèrè pé iṣẹ́ wo. Ìlànà tó dára máa ń so ohun kọ̀ọ̀kan tó gbà mọ́ iṣẹ́ kan pàtó, a sì máa sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ iṣẹ́ yẹn lè pa á kí ìyókù ṣì máa ṣiṣẹ́. Lórí fóònù Áńdírọ́ìdì, láti orí ẹ̀dà 12, áàpù tó bá béèrè ibi tí ẹ wà yóò fi `Precise` àti `Approximate` hàn yín. `Approximate` ń fún un ní àdúgbò nìkan, kì í fún un ní ẹnu ọ̀nà.

Gbólóhùn kejì ló máa ń fi ọkàn ènìyàn balẹ̀ jù: kò sí orúkọ yín nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ yọ orúkọ ìyá kúrò nínú àkọsílẹ̀ yẹn, kí ẹ kó ìlà oṣù mẹ́ta jọ. Ibì kan náà ni ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, ibẹ̀ náà ni fóònù ń sùn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó máa ń lo wákàtí mẹ́rin ní ilé ìwòsàn kan. Ẹni tó bá mọ àdúgbò náà yóò mọ ẹni tí àkọsílẹ̀ náà ń sọ nípa rẹ̀. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí kan jáde lórí àkọsílẹ̀ fóònù mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn tí wọ́n ti yọ orúkọ wọn kúrò. Wọ́n rí i pé ibi mẹ́rin péré, pẹ̀lú wákàtí tí ẹni náà wà níbẹ̀, tó láti ya ènìyàn 95 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ láàárín gbogbo ìyókù.

Kíkó dátà gbogbo ènìyàn pọ̀ sójú kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbani. Ní oṣù kọkànlá 2017, Strava, áàpù tí àwọn tó ń sáré àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń lò, gbé máàpù ayé kan jáde. Wọ́n kó bílíọ̀nù kan ìrìn àti eré ìdárayá jọ sórí rẹ̀ láìsí orúkọ, ibi tí ènìyàn bá ti rìn púpọ̀ sì ń tàn yòò. Ní London tàbí New York, gbogbo rẹ̀ dàpọ̀, kò sẹ́ni tó lè yọ ẹnì kankan jáde. Àmọ́ ní oṣù kìíní 2018, Nathan Ruser, ọmọ Ọsirélíà tó ṣì wà ní yunifásítì, kíyè sí i pé àwọn ibì kan ń tàn nínú aṣálẹ̀ Síríà àti ní Afganísítáànì. Àwọn ọmọ ogun ló ń sáré yí ká ibùdó wọn níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó ń lo áàpù náà ní sàkáání ibẹ̀, nítorí náà kò sí èrò tí wọ́n lè fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn èyí, Strava yí i padà kí ọ̀nà tí èrò kò pọ̀ níbẹ̀ má ṣe hàn títí àwọn ènìyàn mélòó kan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò fi rìn ín. Ohun tí mo máa ń wá nínú ìlànà àṣírí nìyẹn: ènìyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ wà níbì kan kí wọ́n tó fi ibẹ̀ han ẹlòmíì? Bí wọn kò bá sọ iye kankan, ọ̀rọ̀ nípa àkójọ láìsí orúkọ kò dá ẹni tó ń gbé abúlé kékeré lójú.

Àwọn áàpù kan ń jẹ́ kí ẹ fi ilé yín pamọ́. Ẹ ó kọ àdírẹ́sì, wọ́n á ya òbìrìkìtì 200 mítà yí i ká, ọ̀nà tí ẹ rìn nínú rẹ̀ kò sì ní hàn. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń jò. Ká ní ìyá gba ọ̀nà ọjà lọ ní Mọ́ńdè, ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Túsìdeè, ó gba ọ̀nà ilé ìwé ní Wẹ́sìdeè. Lórí máàpù, ìlà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ létí òbìrìkìtì náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé yóò fi rúlà so ojú àmì kìíní mọ́ ìkejì, yóò wá ìdajì ìlà náà, yóò fa ìlà mìíràn tó dá a lábùú gan-an níbẹ̀. Yóò ṣe bákan náà fún ìkejì àti ìkẹta. Ibi tí ìlà méjì tó fà bá ti pàdé ni àárín òbìrìkìtì, àárín òbìrìkìtì sì ni ilé. Ojú àmì mẹ́ta tó o. Ohun tó ń dí i ni kí áàpù fúnra rẹ̀ ti àárín òbìrìkìtì kúrò lórí ilé díẹ̀ láìsọ ibi tó tì í sí. Bí ìlànà tàbí ojú ewé ìrànlọ́wọ́ wọn kò bá mẹ́nu kan èyí, ẹ yan òbìrìkìtì tó tóbi jù lọ, tàbí kí ẹ kọ àdírẹ́sì ibòmíràn tí kò jìnnà sí ilé. Èyí tó dára jù ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì rí ìrìn yín rárá.

Ọ̀rọ̀ àwọn alábàáṣiṣẹ́ wá kù. Flo, áàpù tí àwọn obìnrin fi ń ṣọ́ nǹkan oṣù, ṣèlérí pé òun kì í fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ ìlera àwọn oníbàárà òun. Àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Flo ti kó kóòdù Facebook, ti Google àti ti àwọn mìíràn sínú áàpù náà, kóòdù wọ̀nyí sì máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ bí obìnrin bá tẹ nǹkan kan. Orúkọ ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà ni `R_PREGNANCY_WEEK_CHOSEN`. Orúkọ yẹn nìkan ti sọ pé ẹni tó ni fóònù yìí lóyún, láìsí pé wọ́n fi ìwé dókítà kankan ránṣẹ́. Flo àti FTC parí ọ̀rọ̀ náà ní 2021, FTC sì pàṣẹ pé kí Flo máa gba ìyọ̀ǹda àwọn oníbàárà rẹ̀ kó tó pín irú dátà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí «àwọn alábàáṣiṣẹ́ wa» láìsí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì jù lórí ojú ewé yẹn ni wọn kò sọ.

Ní Nàìjíríà, òfin ààbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 ka ipò ìlera ènìyàn mọ́ dátà ẹlẹgẹ́, tó nílò ààbò ju ti àwọn yòókù lọ. Ibi tí ènìyàn wà kò sí lára dátà ẹlẹgẹ́ yìí. Dátà ti ara ẹni lásán ni wọ́n kà á sí. Ní èrò tèmi, ibi tí òfin náà ti kúrú nìyẹn, torí wákàtí mẹ́rin lóṣù ní ilé ìwòsàn kan náà ti sọ nípa ìlera ìyá yẹn. Síbẹ̀ òfin náà ní ọwọ́ kan tó le: dídákẹ́ ènìyàn kì í ṣe ìyọ̀ǹda, bó sì ṣe rọrùn láti yọ̀ǹda náà ló gbọ́dọ̀ rọrùn láti gbà á padà. Áàpù tó gba ìyọ̀ǹda yín pẹ̀lú bọ́tìnnì kan, tó wá ní kí ẹ kọ lẹ́tà kí ẹ tó lè kúrò, ń rú òfin.

Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò pa ohunkóhun rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà wọn. Àkáǹtì ni ẹ gbọ́dọ̀ pa rẹ́, ìlànà tó dára sì máa ń sọ iye ọjọ́ tí yóò gbà, àti iye ọjọ́ tí ẹ̀dà tí wọ́n tọ́jú síbòmíràn yóò tún wà kó tó lọ. «Ìwọ̀n ìgbà tó bá yẹ» kì í ṣe iye ọjọ́. Kí ẹ tó pa á rẹ́, ẹ béèrè ẹ̀dà dátà yín, torí òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ ṣí fáìlì náà, kí ẹ wá ìlà tó ní nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ti òkè yẹn, kí ẹ ka ẹyọ tó wà lẹ́yìn àmì tó-tó. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọjọ́ kan tí ẹ kò ṣí áàpù náà rárá. Bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá wà fún ọjọ́ yẹn, áàpù náà ti ń wò yín nígbà tí ẹ kò lò ó, ẹ sì lè padà sínú ìlànà wọn lọ wò ó bóyá wọ́n sọ fún yín.