Ta Ló Ń Ṣọ́ Ọjà Yín Nígbà Tí Iná Bá Lọ?

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Abidjan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dojú rú ní Nàìjíríà àti láwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, bítíkọ́ìnì gòkè kọjá 73,000 dọ́là. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti já sí ìsàlẹ̀ 69,000. Ẹni tó ní ọjà nílẹ̀ tí kò rí ojú ìkànnì wọ̀, ọjà rẹ̀ wà lójú àgbáàrá.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ohun ojoojúmọ́. Ohun tó ń bá wa fínra ni iná tó lọ lóru, fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú, àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fi lẹ́tà E hàn dípò 4G. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá ń ra bítíkọ́ìnì tàbí owó ilẹ̀ òkèèrè ni pé: àṣẹ tí ẹ fi ń ṣọ́ ọjà yín, inú fóònù yín ló wà ni, àbí lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọjà?

Àṣẹ tí wọ́n ń pè ní sítọ́ọ̀pù ni pé, bí iye bá já dé ibì kan, kí wọ́n bá mi tà á. Bó bá wà lórí sáfà ilé pàṣípààrọ̀, yóò ṣiṣẹ́ bí fóònù yín tilẹ̀ wà nínú omi. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ o. Nínú MetaTrader, Stop Loss wà lọ́dọ̀ alágbàtà, ṣùgbọ́n Trailing Stop tó ń tẹ̀ lé iye ọjà lọ sókè, inú kọ̀ǹpútà yín ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, kò ní sún mọ́. Ibi tó dé kẹ́yìn ló máa wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní ẹnì kan ní Ìbàdàn ra 0.02 bítíkọ́ìnì lọ́jà fíúṣọ̀ ní 60,000 dọ́là, tó sì fi sítọ́ọ̀pù sí 58,200. Bí nǹkan bá lọ bó ṣe rò, 36 dọ́là ló máa pàdánù. Bó bá yan Stop Limit, tó ní kí wọ́n má tà á kéré sí 58,150, ewu ń bẹ. Ọjà lè fò láti 58,210 bọ́ sí 57,900 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àṣẹ á jí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa rà á ní 58,150. Bí iye bá wá já dé 55,000 kí iná tó dé, 100 dọ́là ti lọ. Stop Market ì bá tà á ní nǹkan bí 57,900, kó pàdánù 42. Fún ẹni tí kò lè jókòó tì í, Stop Market ni mo fara mọ́.

Kó yan Reduce Only pẹ̀lú. Ká ní ó tún fi àṣẹ sí 63,000 láti kó èrè, ọjà sì ta síbẹ̀ nígbà tí kò sí iná. Sítọ́ọ̀pù 58,200 lè ṣì wà nílẹ̀. Bí iye bá padà já dé ibẹ̀, àṣẹ yẹn á ta ohun tí kò ní mọ́, yóò sì dá òwò tuntun sílẹ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi àṣẹ sílẹ̀, ẹ pa fóònù, kí ẹ fi ẹ̀rọ yín mìíràn wọlé, kí ẹ wo Open Orders. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí lọ́dọ̀ wọn.

Ìkìlọ̀ iye kò lè rọ́pò sítọ́ọ̀pù, nítorí ó ń pe ènìyàn ni, kì í tà. Ẹ fi sí 58,900, kí ẹ lè rí àyè ronú; 58,250 ti pẹ́ jù. Èyí tó ń gba inú áàpù wá nílò dátà. Èyí tó ń wá bí ẹsẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀sì lè wọlé nígbà tí kò sí dátà rárá. Ẹ fi ọ̀kan sítòsí iye tó wà lójú ọjà, ẹ pa dátà, kí ẹ wo èyí tó máa dé.

Ó ku ọ̀ràn owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ilé pàṣípààrọ̀. Bí ọkùnrin Ìbàdàn yẹn bá yá a ní ìlọ́po 50, tó jẹ́ 24 dọ́là péré ló yà sọ́tọ̀ fún òwò náà, ilé pàṣípààrọ̀ yóò ti gba ọjà náà kí iye tó já dé 58,800. Sítọ́ọ̀pù tó fi sí 58,200 kò ní ṣiṣẹ́ láéláé.