Èéhù Ẹ̀wà: Ṣé Ó Ṣeé Jẹ Ní Tútù?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, àwọn dókítà nílùú Hámúbọ́ọ̀gì ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn aláìsàn tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin tí ara wọn le koko tẹ́lẹ̀, kò sì pẹ́ tí kíndìnrín àwọn kan fi kọ iṣẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa rọlẹ̀, àwọn tó ṣàìsàn ti lé ní 3,800, ẹni 53 sì ti kú.

Kùkúḿbà láti Sípéènì ni wọ́n kọ́kọ́ nàka sí. Ọjà àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ láìṣẹ̀ láìrò, nítorí kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n bá lára kùkúḿbà náà kì í ṣe èyí tó ń pa èèyàn. Ohun tó mú kí ìwádìí náà le ni pé ìbéèrè lásán, “Kí lẹ jẹ?”, kò tó. Àwọn aláìsàn rántí tòmátì, wọ́n rántí ẹran. Díẹ̀ ló rántí ìwọ̀nba èéhù tí wọ́n fọ́n sórí sàláàdì. Ta ló ń ka ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ oúnjẹ mọ́ oúnjẹ? Àwọn olùwádìí bá lọ sí ilé oúnjẹ kan, wọ́n wo ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan pè fún, wọ́n sì bi alásè léèrè ohun tó fi sínú àwo kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó ṣàìsàn nínú wọn ló jẹ èéhù. Oko kan ní abúlé Bíínẹnbútẹ̀lì ló ń hu ú tà, àwọn òṣìṣẹ́ oko náà pàápàá sì ti ń ṣàìsàn. Èéhù hulba, irúgbìn kan tí wọ́n ti kó wá láti Íjíbítì, ni gbogbo àmì wá tọ́ka sí.

Èéhù ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀ngì, ló pọ̀ jù nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà hù ú. Wọ́n á rẹ irúgbìn sómi di ọjọ́ kejì, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ dànù, wọ́n á gbé e síbi tó ṣókùnkùn tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á máa ṣan án lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgbẹ́ ẹran tàbí omi ìdọ̀tí lè ti kan irúgbìn nínú oko, kí kòkòrò Íkólì tàbí Sàmónẹ́là sì sá pamọ́ sínú ojú sísán ara èèpo rẹ̀. Bó bá wà ní gbígbẹ, kòkòrò náà kò ní kú, kò sì ní pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ooru, omi àti oúnjẹ tó mú kí ẹ̀wà hù ni òun náà ń fẹ́. Bí ẹyọ kan bá ń di méjì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, á ti lé ní mílíọ̀nù 16 kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ìdí nìyẹn tí fífọ̀ kò fi ràn án. Omi ò dé inú ojú sísán náà. Àwọn kan sì rò pé èyí tí àwọn bá hù fúnra wọn nílé mọ́ ju ti ọjà lọ, àmọ́ bó bá jẹ́ pé ara irúgbìn ni ewu wà, ìmọ́tótó ilé ìdáná kò lè yọ ọ́. Èyí tó ń yọ̀, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì ń rùn kíkan ti bàjẹ́, ẹ dà á nù. Ṣùgbọ́n èyí tó funfun tó ń dán lè ní kòkòrò nínú láìjẹ́ pé ojú tàbí imú mọ̀ ọ́n.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní tútù ló máa ṣàìsàn? Rárá o. Ọ̀pọ̀ ń jẹ ẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Àwọn tí kò yẹ kó dán an wò rárá ni aláboyún, ọmọdé, àgbàlagbà àti ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Sísè rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa kí ẹ tó dà á sí i, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú méjì, tàbí kí ẹ yí i nínú epo gbígbóná títí ooru fi wọ inú rẹ̀ tí èéfín ń yọ lára gbogbo rẹ̀. Á ṣì máa ró kàpọ̀kàpọ̀ lẹ́nu. Kí a kàn da ọbẹ̀ gbígbóná lé e lórí nínú àwo kò tó, nítorí ọbẹ̀ náà á ti tutù kí ooru tó wọlé. Ti ẹ̀wà pupa ńlá tí ó rí bíi kíndìnrín tún yàtọ̀: májèlé wà nínú òun fúnra rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ hó kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, nítorí náà kò sí ẹni tó yẹ kó jẹ èéhù rẹ̀ ní tútù.

Fún àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣeé jẹ bẹ́ẹ̀, inú ìkòkò ni kó kọ́kọ́ gbà.