Pásẹ́ǹtì Mẹ́jọ Kì Í Ṣe Dígírì Mẹ́jọ

Lọ́dún 2019, ìwé Guinness gba oyè òpópónà tó ṣòro gùn jù lọ láyé lọ́wọ́ Òpópónà Baldwin, nílùú Dunedin lórílẹ̀-èdè Nìú Sílándì, wọ́n sì gbé e fún ọ̀nà kan nílùú Harlech ní Wélsì. Wọ́n ní ti Harlech ń gòkè ní pásẹ́ǹtì 37.45. Nígbà tó di ọdún 2020, wọ́n dá oyè náà padà fún Baldwin pẹ̀lú pásẹ́ǹtì 34.8, nítorí wọ́n gbà pé àárín ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n ti máa wọ̀n ọ́n, kì í ṣe etí rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ 34.8 yìí lè rò pé ọ̀nà náà nà sókè ní igun dígírì 35. Rárá o. Dígírì 19 ni, pẹ̀lú ohun tó kéré gan-an lórí rẹ̀. Ìyẹn náà ti tó láti mú kí awakọ̀ rántí ìyá rẹ̀.

Pásẹ́ǹtì ọ̀nà ni iye mítà tí ọ̀nà fi ga sí i nígbà tí a bá lọ síwájú ní mítà 100. Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé orí ilẹ̀ títẹ́jú la ti ń ka mítà 100 yẹn, bí ẹni pé òkè kò sí níbẹ̀ rárá. A kì í kà á lórí ọ̀dà tí mọ́tò ń gbà. Nítorí náà, pásẹ́ǹtì 100 kì í ṣe ògiri. Ọ̀nà tó ga ní mítà 100 nígbà tó lọ síwájú ní mítà 100 ni, igun rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 45. Ògiri tó dúró ṣánṣán kò tilẹ̀ ní pásẹ́ǹtì tí a lè kọ sílẹ̀, nítorí kò lọ síwájú rárá, kò sì sí iye tí a ó fi pín gíga rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà fẹ́ràn pásẹ́ǹtì, wọ́n sì jàre. Bí fọ́máànù bá mọ̀ pé pásẹ́ǹtì 8 ni, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èèkàn tó wà ní mítà 10 síwájú gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 80 ga ju ti ẹ̀yìn lọ. Okùn, tépù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo gíga ilẹ̀ ti tó fún un. Kò bá dígírì ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ń béèrè dígírì ni àwọn tó ń gé nǹkan tàbí tó ń yí nǹkan: wẹ́dà tó fẹ́ gé irin ìdìmú tí yóò bá ọ̀nà gòkè, káfíńtà tó ń kan pákó tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí, àti ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán iṣẹ́, nítorí àṣẹ tó ń yí ìlà lójú kọ̀ǹpútà, dígírì ló máa ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà kan tó gun òkè wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan n'Ìbàdàn, ìlú tí òkè pọ̀ níbẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ṣe. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kọ ọ́ pé gíga ilẹ̀ lẹ́nu géètì jẹ́ mítà 214.60, pé ti òkè níwájú kíláàsì jẹ́ mítà 221.80, àti pé mítà 90 ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí a bá yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè, ó ku mítà 7.20. Mítà 7.20 yìí la ó fi 90 pín, ìyẹn 0.08. Bí a bá sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, pásẹ́ǹtì 8 ni. Wẹ́dà ní kí wọ́n fún òun ní igun tí òun máa fi gé irin ìdìmú.

Bọ́tìnì tan tó wà lórí ẹ̀rọ ìṣírò ló ń so igun mọ́ ìpín yìí. Tí a bá fún un ní igun, yóò sọ iye tí gíga jẹ́ nígbà tí a bá fi ìrìn iwájú pín in. Àwa ti ní ìpín náà lọ́wọ́, igun la ń wá, nítorí náà ìdàkejì rẹ̀ la nílò, èyí tí wọ́n kọ bí tan⁻¹ sórí bọ́tìnì kan náà. A ó tẹ SHIFT, a ó tẹ tan, a ó kọ 0.08, kì í ṣe 8, a ó sì tẹ àmì ìdọ́gba. Ohun tí yóò jáde ni 4.5739. Lórí àwòrán, a ó kọ ọ́ ní dígírì 4.57. Lójú kọ̀ǹpútà, nínú Excel, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ nìyí:

```
=DEGREES(ATAN(0.08))
```

Ẹ má yọ DEGREES sílẹ̀, torí ATAN nìkan kì í fèsì ní dígírì.

Ibí yìí ni ẹ̀rọ ìṣírò ti máa ń dá ènìyàn láàmú. Ó ní ìwọ̀n igun mẹ́ta tó lè lò: DEG ni dígírì, RAD àti GRAD sì jẹ́ ìwọ̀n mìíràn. Bí ẹlòmíràn bá ti fi ẹ̀rọ náà sí RAD, yóò fún wa ní 0.0798, ìyẹn kò sì lè tan ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí ó kéré lákéèékèé. GRAD ni ọ̀dàlẹ̀ gidi. Òun yóò fún wa ní 5.08, iye tó jọ ìdáhùn tó dára, tí ẹni tó ń kánjú yóò kàn kọ sílẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ wá tan⁻¹ ti 1 lákọ̀ọ́kọ́. Bí kò bá jẹ́ 45 ló jáde, ẹ̀rọ náà kò sí ní dígírì.

Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ tún ní ọ̀nà àbùjá kan: wọ́n á fi 0.573 sọ pásẹ́ǹtì di púpọ̀. Mẹ́jọ lọ́nà 0.573 jẹ́ 4.58, ó sì sún mọ́ òótọ́ débi pé ó dára fún yíyẹ iṣẹ́ wò. Ṣùgbọ́n àbùjá yìí ń bàjẹ́ bí òkè bá ṣe ń le sí i. Ní pásẹ́ǹtì 20, yóò sọ pé 11.46 nígbà tó jẹ́ 11.31. Ní pásẹ́ǹtì 100, yóò pe dígírì 45 ní 57.3. Igun àti pásẹ́ǹtì kì í jọ gòkè ní ìwọ̀n kan náà: pásẹ́ǹtì lè ga títí láìlópin, ṣùgbọ́n igun kò lè kọjá 90. Fún ọ̀nà mọ́tò tí kò ju pásẹ́ǹtì 10 lọ, mo fara mọ́ àbùjá náà. Fún etí gọ́tà tàbí ẹ̀gbẹ́ òkìtì erùpẹ̀, tó máa ń le ju ọ̀nà lọ fíìfíì, ẹ má dán an wò.

Àṣìṣe tó ń náni lówó jù ni kí ẹnì kan ka 8 pásẹ́ǹtì sí 8 dígírì. Dígírì 8 jẹ́ pásẹ́ǹtì 14.05. Lórí mítà 90 tiwa yìí, yóò gbé ọ̀nà ga ní mítà 12.65 dípò 7.20. Ìyàtọ̀ mítà márùn-ún àti ààbọ̀ kò ní ṣòro láti rí, gbogbo ènìyàn ni yóò pariwo. Èyí tó ń yọ́ wọlé ni gígé nọ́ńbà. Bí a kò bá yí AutoCAD padà, kì í fi nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì hàn lára igun, nítorí náà 4.57 yóò hàn lójú wa bí 5. Igun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò yí padà, ojú wa ni wọ́n fi nǹkan pamọ́ fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibẹ̀ ka 5, tó sì kọ ọ́ sínú àwòrán, ti fi sẹ̀ǹtímítà 67 kún gíga òkè náà. Àṣẹ UNITS la fi ń tún un ṣe. Kí a fi nọ́ńbà méjì sílẹ̀ lẹ́yìn pọ́ìntì. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn tó ń lo ìṣẹ́jú lábẹ́ dígírì. Dígírì 4.57 jẹ́ dígírì 4 àti ìṣẹ́jú 34, nítorí ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló ń di dígírì kan. Kì í ṣe ìṣẹ́jú 57.

Ayàwòrán náà lè ti ní igun tó pé pérépéré, kí ìlà rẹ̀ ṣì kúrú. Bí ó bá ní kí kọ̀ǹpútà fa ìlà `@90<4.57`, kọ̀ǹpútà yóò gba 90 yẹn bí gígùn ìlà tó dagẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìlà náà kò ní dé mítà 90 lórí ilẹ̀ títẹ́jú, 89.71 ni yóò dé, yóò sì fi sẹ̀ǹtímítà 29 jìnnà sí iwájú kíláàsì. Gígùn ọ̀nà náà gan-an, bí ẹsẹ̀ ṣe ń rìn ín, jẹ́ mítà 90.29. Èmi kì í fi dígírì fa ìlà ọ̀nà rárá. `@90,7.2` ni mo máa ń kọ, ìlà yóò sì dé ibi tó yẹ láìṣe pé mo ṣírò igun kankan. Ẹ̀yìn ìgbà náà la ó wá kọ dígírì sí i lára, fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Èyí tó ṣòro jù fún àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọ̀nà láti gbà ni pé igun tí ojú rí nínú àwòrán ọ̀nà lè má jẹ́ igun ọ̀nà. Bí a bá ya òkè kékeré lórí ọ̀nà tó gùn, kò ní hàn nínú ìwé. Yóò dà bí ìlà títẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń na gíga ní ìlọ́po mẹ́wàá nínú àwòrán tó fi ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ọ̀nà hàn: 1:1000 fún gígùn, 1:100 fún gíga. Ọ̀nà pásẹ́ǹtì 8 tiwa yóò hàn bí ìlà tó nà sókè ní dígírì 38.66. Bí wẹ́dà bá gbé ohun èlò tí ọmọ ilé-ìwé fi ń wọn igun lé e lórí, tó sì gé irin bẹ́ẹ̀, irin ìdìmú náà yóò kọjú sí ojú ọ̀run. Lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n kọ ni kí a gbà gbọ́, kì í ṣe ìlà. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé ìwọ̀n méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà.

Fún wẹ́dà tiwa, àwòrán kékeré mìíràn ni mo máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí gíga àti gígùn ti jọ wà ní ìwọ̀n kan. Òpó irin ìdìmú gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kò gbọdọ̀ dagẹ̀rẹ̀ bá ọ̀nà, nítorí náà ibi tí òpó àti irin òkè ti pàdé kì í ṣe dígírì 90. Ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkè, ó jẹ́ 94.57, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ òpó. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó jẹ́ 85.43. Mo máa ń kọ méjèèjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo máa ń kọ pásẹ́ǹtì 8, mítà 7.20 lórí mítà 90, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè fi tépù yẹ dígírì náà wò lórí pápá kó tó gé irin.