Eégbọn Ewé: Ohun Tó Ń Ta Okùn Sára Òdòdó Inú Ilé Nígbà Ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ètè ń là, tí ara gbogbo èèyàn ń funfun, ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé sí igun pálọ̀ náà kì í gbádùn. Kì í kọ́kọ́ rọ. Àmì tótòtó tó funfun díẹ̀, tó pọ́n díẹ̀, ni èèyàn á máa rí káàkiri ojú ewé rẹ̀. Onílé á ní omi ni kò mu tó, á bu omi sí i. Kò pẹ́ sí i, ewé á pàwọ̀ dà, á dà bí ẹni pé eruku bò ó, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ á sì ti so ewé kan mọ́ èkejì níbi tí wọ́n ti pàdé lára igi. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń bèèrè irú aláǹtakùn tó wọlé.

Kì í ṣe aláǹtakùn tó ń pa eṣinṣin jẹ ló ta okùn náà. Ẹbí rẹ̀ kan tó tún bá eégbọn tan ni. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, gbogbo ara rẹ̀ kò gùn tó ìdajì mìlímítà, abẹ́ ewé ló sì ń gbé. Ẹ jẹ́ ká pè é ní eégbọn ewé. Ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Á gún ara ewé, á fa omi àti àwọ̀ ewéko tó wà nínú ibi tó gún, á sì sún síwájú. Ibi tó fà gbẹ yìí ló ń di àmì funfun lójú ewé. Okùn tó ń ta kì í ṣe fún ìdẹ. Abẹ́ rẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, òun ló sì fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ pa á jẹ.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òun ni. Ẹ mú pépà funfun kan, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ewé tó ní àmì, kí ẹ fi ọwọ́ gbá ewé náà dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta. Nǹkan dúdúdúdú á já sórí pépà. Ẹ má tíì sọ̀rọ̀, ẹ tẹjú mọ́ ọn. Eruku á dúró síbi tó já sí, ṣùgbọ́n eégbọn ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí ẹ bá fi ìka nu ún kọjá, ilà tó ní àwọ̀ ewé ló máa ń fi sílẹ̀ lórí pépà, nítorí ohun tó mu ló kún inú rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ lè fi fóònù ya pépà náà, kó wá fẹ àwòrán rẹ̀ lójú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni? Omi tí wọ́n ń fà nínú ewé pọ̀ ju èyí tí ara wọn nílò lọ, wọ́n sì ní láti lé e jáde. Afẹ́fẹ́ tó gbẹ máa ń tètè gba omi náà lára wọn, wọn á lè máa jẹ, wọn á lè máa yé ẹyin. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ẹyin wọn á dín kù, àìsàn olù a sì máa pa wọ́n. Níta, òjò máa ń fọ̀ wọ́n dànù. Nínú ilé, kò sí òjò. Èyí ló fà á tí ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ ní Èkó fi lè ní eégbọn ewé láàárín oṣù kẹfà, tí òjò ń dà yàà níta. Ẹ̀rọ yẹn ń fa omi inú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń tutù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á gbé oògùn ẹ̀fọn tàbí ti aáyán, wọ́n á fọ́n ọn sójú ewé. Abẹ́ ewé ni ọ̀tá wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, eégbọn kì í ṣe kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀pọ̀ oògùn yẹn kì í sì í ràn án. Àwọn tó ń pa á jẹ ni oògùn náà máa ń pa, eégbọn á wá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn àgbẹ̀ ti mọ agbára irú apẹjẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí eégbọn ewé ẹ̀gẹ́, tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ń ba oko jẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà láti bíi ọdún 1970 síwájú, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí olú rẹ̀ wà n'Íbàdàn, mú eégbọn mìíràn tó ń jẹ ẹ́ wá láti Brasil. Ọdún 1993 ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Orí ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ló fi ṣe ilé, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣọdẹ. Inú pálọ̀ kò ní irú ọdẹ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ onílé ló máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀pẹ kan ló ní in, pé ọjọ́ Ajé ni ẹ rí i. Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òdòdó tó kù, kí ẹ gé ewé tí okùn ti bò pátápátá, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ tó dà á nù. Ẹ fi ọ̀rá bo iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò, ẹ gbé e lọ sílé ìwẹ̀ tàbí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ da omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára sábẹ́ ewé, láti ìsàlẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ po ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi tí kò le sínú omi lítà kan, kí ẹ fi àkísà rírọ̀ nu ewé kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ṣóńṣó, tòkè tìsàlẹ̀. Ibi tí ewé ti so mọ́ igi ni kí ọwọ́ pẹ́ sí jù. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun kò dára, ó máa ń jó ewé. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi eérú sè lè ṣiṣẹ́, torí irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ló jọ èyí tí wọ́n ń tà fún ewéko lókè òkun, àmọ́ eérú rẹ̀ lè pọ̀ jù, àwọn mìíràn sì ti fi nǹkan lú u. Ọṣẹ yòówù kó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan, kí ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kí oòrùn má bá ọṣẹ lójú ewé. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ẹ fi omi ṣan án kúrò.

Ọṣẹ kì í pa ẹyin. Nínú ooru bíi ti ilé wa, ẹyin á pa láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ náà á sì dàgbà, á bẹ̀rẹ̀ sí í yé tirẹ̀, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Abo kan lè yé tó ọgọ́rùn-ún ẹyin. Nítorí náà, ẹ tún fọ ọ̀pẹ yẹn lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tíì dàgbà. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nínú yàrá tí ẹ̀rọ ti ń mú tutù, ẹyin kì í tètè pa. Ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kún un. Fífọ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kódà bó mọ́ kedere, kò ju ìsinmi ọjọ́ mélòó kan lọ.

Lásìkò yìí, ẹ gbé ìkòkò náà kúrò níwájú ẹ̀rọ amúlétutù tàbí fáànù, kí ẹ máa bomi rin ín kí iyẹ̀pẹ̀ má gbẹ táútáú. Ẹ dá ajílẹ̀ dúró ná, torí ewé tútù yọ̀yọ̀ tí ajílẹ̀ ń mú jáde ni eégbọn fẹ́ràn jù. Fífọ́n omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí i láràárọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbẹ, kò lè rọ́pò fífọ abẹ́ ewé.

Àmì tó ti wà lójú ewé kò ní lọ, ẹ má fi òun mọ̀ bóyá ara ti yá. Ewé tuntun tó ń yọ láàárín ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì máa gbá ewé sórí pépà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí pépà bá mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lè dá a padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ewé tuntun ṣì ń jáde pẹ̀lú àmì, tí okùn sì ti dé orí rẹ̀, mo rò pé kí ẹ dì í sọ́rá kí ẹ sọ ọ́ nù, kó má baà kó ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.