Ibi Tí "Are" Ń Dúró Sí Nínú Ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì

Bí olùkọ́ bá bi ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé pé, "Why you are late?", gbogbo kíláàsì ni ohun tó ń bèèrè yé. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á bẹ́ẹ̀. "Why are you late?" ló tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan náà ni. Ipò "are" àti "you" nìkan ló yí padà.

Ọ̀nà tí Yorùbá fi ń bèèrè ọ̀rọ̀ wà lára ohun tó ń fa àṣìṣe yìí. Nínú "O pẹ́", olùwà ló ṣáájú. Bí ó bá di "Ṣé o pẹ́?" tàbí "Kí ló dé tí o fi pẹ́?", "o" ṣì wà níwájú "pẹ́" bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ bíi "ṣé". Yíyí ipò olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe padà ló fi ń bèèrè.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì lè kọjá síwájú olùwà lóde òní. "Are", "is", "can" àti "will" lè ṣe é, ṣùgbọ́n "came" kò lè ṣe é. Láyé Shakespeare, ní nǹkan bí ọdún 1600, èèyàn ṣì lè sọ pé "Came you late?" Lónìí, "do" ni wọ́n máa ń pè wá ṣèrànwọ́: "Why did you come late?" "Did" ti sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá, ìdí nìyẹn tí "came" fi padà di "come". Ẹni tó bá sọ pé "Why did you came late?" ti sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tó le jù ni ibi tí "why you are late" ti tọ̀nà. "Tell me why you are late" kò ní àbùkù kankan, torí pé ìbéèrè náà ti wọ inú gbólóhùn mìíràn, kò dá dúró mọ́. Àwọn tó ti mọ yíyí náà dáadáa gan-an ló máa ń ṣìnà níbí, tí wọ́n á ní "I know why are you late." Ọ̀nà kan wà láti dá a mọ̀: kí èèyàn fi "it" rọ́pò apá náà. "I know it" ń lọ geere, nítorí náà kò sí yíyí níbẹ̀.

Ẹ wo ẹni tó ń wá báńkì ní ìlú tí kò mọ̀. Bó bá fẹ́ bèèrè ní tààrà, "Where is the bank?" ni. Bó bá fẹ́ fi ọ̀wọ̀ kún un, "Can you tell me where the bank is?" ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni yíyí ṣẹlẹ̀ nínú èyí, nínú "Can you"; "is" padà sẹ́yìn "the bank", bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ìbéèrè wà níparí.

"How come" ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ ìbéèrè tó dá dúró, "How come you are late?" ni wọ́n ń sọ, láìyí ohunkóhun.