Kí Ni Olóúnjẹ Yóò Kọ sí Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀fadà?

Bí búkà kan ní Pẹ́kámù, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, bá kọ "ìrẹsì ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ata" sára pátákó oúnjẹ rẹ̀, kò purọ́. Àmọ́ ta ni yóò torí ìyẹn wọlé? Ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ lókè òkun ń rí ìrẹsì rà. Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ni ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn àti irú tó ń ta sánsán.

Ẹ jẹ́ kí a tún un kọ: "Ọ̀fadà inú ewé. Ayamáṣe ata aláwọ̀ ewé, epo tí pupa rẹ̀ ti ṣí, irú wooro, ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹyin sísè kan."

Kò sí "aládùn" níbẹ̀, kò sí "ojúlówó". Ohun tó wà nínú ìkòkò nìkan ló wà níbẹ̀, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n yóò ti máa gbé itọ́ mì. Ẹni tó ń se ayamáṣe á da epo pupa sí ìkòkò, á dé e, á sì fi iná jẹ́jẹ́ yá a títí pupa rẹ̀ yóò fi ṣí. Kì í ṣí ìdérí lójú ẹsẹ̀, kí èéfín má baà fọ́n ọn lójú. Ata tí kò kúnná, tí omi rẹ̀ ti gbẹ, ló ń bọ́ sínú rẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá jáde ní pupa fòò, oníbàárà yóò mọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án pé pátákó ti ṣèlérí ohun tí ìkòkò kò ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé: bí ike ni wọ́n fi ń bù ú, kí wọ́n yọ "inú ewé" kúrò. Ewédú tó ti dì nínú fìríìjì kò sì gbọdọ̀ jẹ́ "tútù yọ̀yọ̀".

Ẹ̀wà àgọ̀yìn ń fẹ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. "Ẹ̀wà tó rọ̀ bẹ̀tẹ̀, ata gbígbẹ tí a dín títí ó fi dúdú, búrẹ́dì Agége." Dúdú yẹn ni kó má gbàgbé, òun ló fi yàtọ̀ sí ọbẹ̀ ata lásán.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí olóúnjẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bí ọ̀kan nínú irú èròjà 14 tó lè kọ lára ènìyàn bá wà nínú oúnjẹ. Edé, ẹja, ẹyin àti ẹ̀pà wà lára wọn. Èyí kò ba pátákó jẹ́ rárá. "Ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú edé àti ẹja gbígbẹ" ń kìlọ̀ fún ẹnì kan, ó sì ń fa ẹlòmíì wọlé.

Ó tún ku ẹran, níbi tí ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní búkà ilé, oníbàárà ló ń nawọ́ sí èyí tó wù ú nínú abọ́. Níbi tí kò ti rí abọ́, kí pátákó fún un láǹfààní náà: "Yan méjì: ṣàkì, pọ̀nmọ́, fùkù, abọ́dì, ráúndàbáùtù."