"Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́ o": ìgbà wo ló jẹ́ àwàdà, ìgbà wo ló di èébú?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la máa fi gbogbo ètò tòní tú palẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni "ọ̀dẹ̀". Ẹni tó bá wọ kíláàsì kan ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá Àkókó, tàbí tó dúró síbi táwọn ọlọ́kadà ti ń wá èrò ní Ìkàrẹ́, kò ní pẹ́ tó fi máa gbọ́ ọ. Ẹnì kan á gbàgbé fóònù rẹ̀ sílé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní, "Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́ o," àwọn méjèèjì á jọ bú sẹ́rìn-ín. Tó bá yá, ẹlòmíì á sọ ọ̀rọ̀ yẹn kan náà, wọ́n á sì fẹ́ so aṣọ mọ́ra wọn lọ́rùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá á wá máa wo ojú gbogbo wọn.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Àkókó ju báwọn ará Ìbàdàn ṣe rò lọ. Kì í ṣe àwọn àgùnbánirọ̀ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ọ̀nà jíjìn wá nìkan. Ẹ mú Ìṣùà Àkókó. Èdè tí wọ́n ń sọ nílé níbẹ̀ kì í ṣe Yorùbá rárá, àwọn onímọ̀ èdè kà á mọ́ ẹbí èdè Ẹ̀dó. Yorùbá ni wọ́n ń bá wọn sọ nílé ìwé, òun náà ni ti ọjà àti ti inú mọ́tò. Ọmọ Ìṣùà lè sọ Yorùbá dáadáa láti kékeré, síbẹ̀ kó jẹ́ ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti kó ọ̀rọ̀ ìgboro, kì í ṣe ẹnu ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé ọ̀dẹ̀ ni ẹni tí kò gbọ́n. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sọ bó ṣe le tó. Bó ṣe le tó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Ohùn, ibi tá a ti sọ ọ́ àti ọjọ́ orí ni ká lọ wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn, torí nǹkan méjì ni ohùn jẹ́ nínú Yorùbá. Àkọ́kọ́ ni àmì ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀. "Ọdẹ" tí kò ní àmì kankan lókè ni ẹni tó ń pa ẹran nínú igbó, òun náà la fi ń pe àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Bẹ́ ẹ bá wá rẹ ohùn sílẹ̀ lórí méjèèjì, ó di "ọ̀dẹ̀", ọdẹ ti di òmùgọ̀ nìyẹn. Ẹ rò ó wò ná: ìwé tí Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938, *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, tẹ́nì kan bá rẹ ohùn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kejì yẹn, akọni inú ìwé ti di ẹni ẹ̀sín kó tó wọ igbó. Báyìí lẹni tó ń kọ́ èdè ṣe máa ń kí bàbá tó ń ṣọ́ ilé wọn, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá ọ̀dẹ̀," tí bàbá á sì fajú ro láìsọ nǹkan kan. Ohun tó máa yọ yín kò le: "ọlọ́dẹ" ni kẹ́ ẹ máa pè é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i, torí ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì kankan sí i. `ode` tẹ́ ẹ rí lórí Wásáàpù lè jẹ́ ọdẹ, ó lè jẹ́ ọ̀dẹ̀, ó sì lè jẹ́ òde, ìyẹn ìta tàbí ibi àríyá. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká lẹ máa fi mọ̀. Bó bá tẹ̀ lé "ní", "sí" tàbí "lọ", bíi `mo wa ni ode` tàbí `a n lo ode lola`, òde ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ `ode ni e`, tó ń pe èèyàn ní nǹkan, ọ̀dẹ̀ ló máa ń jẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kẹ́nì kan ṣàdédé máa sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọdẹ aperin ni. Bó bá jẹ́ `awon ode adugbo`, àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò ni. Ẹ má kàn fi ìbínú dáhùn kẹ́ ẹ tó ka gbólóhùn náà tán.

Ohùn kejì ni bí wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu. Ọ̀dẹ̀ tó jẹ́ àwàdà máa ń gùn, ẹ̀rín máa ń wà nínú rẹ̀, "o" sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀: "Ọ̀dẹ̀ẹ̀ ni ẹ́ oo!" Èyí tó jẹ́ èébú máa ń kúrú, ó máa ń já wọ̀ọ̀, òṣé lè ṣíwájú rẹ̀ tàbí kó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá sì ti mú òbí ẹni wọ̀ ọ́, bíi "Ọ̀dẹ̀ ni bàbá ẹ," ẹ má wulẹ̀ wá ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn ṣeré bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Àmọ́ ohun tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í wò. Wọ́n á tẹjú mọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀, wọn ò ní wo ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí. Ẹnu ẹni yẹn lẹ ti máa mọ bó ṣe le tó. Bó bá dáhùn pé, "Ìwọ gan-an ni ọ̀dẹ̀," tó sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ ń ṣeré ni. Bó bá ní, "Èmi? Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ó ti dùn ún. Bó bá dákẹ́, tó kàn yíjú sápá ibòmíì, ó lè ti dùn ún ju ti ẹni tó pariwo lọ. Ẹ tún wo àwọn tó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì lè máa pe ara wọn lọ́dẹ̀ látàárọ̀ nínú yàrá, kí ọ̀kan nínú wọn wá sọ ọ́ lójú ọmọbìnrin tí èkejì fẹ́ràn, kí ìjà sì dé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kò yí padà. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ló yí padà.

Ó wá ku ọjọ́ orí. Ẹ jẹ́ ká ro ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti ìpínlẹ̀ Bẹ́núè, tó gba yàrá sílé ìyá kan ní Àkùngbá. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ojoojúmọ́ ni ọmọkùnrin yìí ń gbọ́ tí màmá ń pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀ tó gbàgbé láti ti ẹnu ọ̀nà: "Ọ̀dẹ̀ lọmọ yìí o!" Nílé ìwé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ́ fún un, òun náà ń sọ ọ́ fún wọn. Ó wá rò ó pé bí ìyá àgbà bá ń sọ ọ́, tí ọ̀dọ́ náà sì ń sọ ọ́, a jẹ́ pé kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, màmá béèrè owó iná tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ha, màmá, ọ̀dẹ̀ ni yín o!"

Ẹ wò ó bó ṣe gbìyànjú tó. Ó fi ẹ̀rín sí i, ó fi "o" sídìí rẹ̀, kódà kò sọ "ni ẹ́", "ni yín" tó jẹ́ ti ọ̀wọ̀ ló lò. Síbẹ̀, ó ti bú ìyá onílé. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í gòkè. Àgbà lè sọ ọ́ sí ọmọ, ìbáwí ni wọ́n á kà á sí. Ẹgbẹ́ lè sọ ọ́ sí ẹgbẹ́. Láti ọ̀dọ̀ ọmọ sí àgbà, kò sí ẹ̀rín tó lè gbé e. Ti pé ó ti ẹnu àgbà jáde kò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tá a lè sọ fún àgbà. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá ń fetí sí ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ má ṣe béèrè pé "ọmọ ọdún mélòó ló sọ ọ́?" nìkan. Ẹ béèrè ẹni tó sọ ọ́ sí pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún méjì péré jù yín lọ náà wà nínú àwọn àgbà tí mò ń wí, àfi tó bá ti gbà yín láyè tipẹ́.

Ohun kan wà tí mo máa ń dá lábàá. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́, kẹ́ ẹ sì bi ara yín pé: ǹjẹ́ mo ti gbọ́ ọ rí pẹ̀lú "yín" sí àgbàlagbà kan ṣoṣo, tí àgbà náà sì rẹ́rìn-ín? "Wàhálà yín pọ̀ o" máa ń wáyé, àwọn àgbà kan sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dẹ̀ ni yín" ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ó ní láti jẹ́ pé èèyàn púpọ̀ ni wọ́n ń bá wí tàbí pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Nínú ẹ̀ka èdè Èkìtì, fún àpẹẹrẹ, "ìwọ" ni ọmọ lè fi pe bàbá rẹ̀ láìsí àfojúdi kankan, nítorí náà "ẹ́" àti "yín" kò lè ṣe atọ́nà yín níbẹ̀. Ọjọ́ orí àti bí ẹni náà ṣe dáhùn nìkan lẹ máa gbójú lé.

Kí ló yẹ kí ọmọkùnrin yẹn sọ? "Màmá, ó jọ pé ẹ ti gbàgbé, mo ti san án lọ́jọ́ Ẹtì." Ẹ̀rín rẹ̀ lè wà níbẹ̀ o, kò séèwọ̀. Tí "ọ̀dẹ̀" bá sì ti bọ́ lẹ́nu, kó má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé báwọn ọ̀rẹ́ òun ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ńṣe nìyẹn ń sọ pé màmá ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, "Ẹ forí jì mí, ma. Mi ò mọ̀ pé a kì í sọ ọ́ fún àgbà." Ọ̀pọ̀ ìyá á bá a wí díẹ̀, wọ́n á sì kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó sọ. Ti ọlọ́dẹ yàtọ̀ sí ìyẹn: "Ọdẹ ni mo fẹ́ pè, ohùn ló ṣì mí lọ́nà" ti tó, torí òótọ́ ni, bàbá náà á sì gbọ́ nínú ohùn yín pé ẹ ṣì ń kọ́ èdè ni.